Kí Ni Kọ̀ǹpútà Rí Tó Fi Sọ Pé Rárá?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ lẹ́tà sí àwọn tí ọ́fíìsì wa kò yá lówó. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó l'Abẹ́òkúta ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń pinnu ẹni tó máa rí owó gbà. Ètò kan lórí kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ́kọ́ yẹ fọ́ọ̀mù wò. Á fi ohun tí èèyàn kọ síbẹ̀ wé òṣùwọ̀n tí àwọn ọ̀gá ti là sílẹ̀, kò sì ní pé ìṣẹ́jú kan tí èsì á fi jáde. Tí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń san owó. Tó bá jẹ́ rárá, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, kí n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè gbọ́.

Kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi, lẹ́tà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹni tí kò rí owó ń gbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó wá sọ pé "ẹ kò kúnjú òṣùwọ̀n lásìkò yìí." Ó tán. Ẹni tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé òun ò rí owó, kò ní mọ ohunkóhun mìíràn. Àwọn kan á rò pé ẹnì kan nínú ọ́fíìsì ló ń bá àwọn ṣọ̀tá. Àwọn kan á padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e pẹ̀lú fọ́ọ̀mù kan náà, kọ̀ǹpútà á sì tún sọ ohun kan náà fún wọn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń dùn mí jù ni àwọn tó bá gba orí fóònù lọ, sọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó kíákíá, tí ọjọ́ bá sì yẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù onígbèsè pé olè ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti yí àwọn nǹkan tí èèyàn fi lè dá a mọ̀ padà. Ìyá aláṣọ ni, àdìrẹ ló ń tà n'Ítòkú. Lóṣù kẹwàá, ó béèrè ₦500,000 kó fi ra aṣọ funfun àti àró sílẹ̀ de ọjà Kérésìmesì, kó sì san án padà láàárín oṣù mẹ́wàá. Ohun tí kọ̀ǹpútà tì sí mi nìyí:

```
DECISION: DECLINE
R02 NAME_MATCH     FAIL
R05 AVG_INFLOW_6M  FAIL     value=94000  min=150000
R07 DEBT_RATIO     FAIL     value=0.82   max=0.35
R11 BUREAU         NOT_RUN
```

Ẹni tó bá fẹ́ yára, á túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan: orúkọ yín ò bára mu, owó tó ń wọlé fún yín kéré, gbèsè yín ti pọ̀ jù. Gbolohùn mẹ́ta, iṣẹ́ parí. Àmọ́ méjì nínú mẹ́ta yẹn, irọ́ ni wọ́n máa jẹ́ létí ìyá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ò purọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ ni pé iye kan kò dé ìlà kan. Kò sọ ibi tí iye yẹn ti wá. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ẹni tó ń kọ lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ti orúkọ. Ètò yẹn máa ń fi orúkọ tó wà lórí BVN wé orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, ẹyọ lẹ́tà kan sí èkejì. Ó fẹ́ kí wọ́n dọ́gba pátápátá. Orúkọ bàbá ìyá yìí ní "ṣ" nínú. Èdè wa ní àmì fún un, ṣùgbọ́n kíbọọ̀dù ọ̀pọ̀ báńkì ò ní. Nítorí náà, akọ̀wé kan á kọ ọ́ ní S, òmíràn á kọ ọ́ ní SH, bí ẹ ṣe máa ń rí Adesina níbì kan àti Adeshina níbòmíràn tó sì jẹ́ Adéṣínà kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn méjì nìyẹn. Bí mo bá wá kọ ọ́ sí ìyá yìí pé "orúkọ yín kò bára mu," á rò pé à ń fura sí òun pé òun ń lo àkáǹtì olókè. Ohun tó yẹ kó gbọ́ ni pé SH ló wà níhìn-ín, S ló wà lọ́hùn-ún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti owó tó ń wọlé ló ta kókó jù. Òṣùwọ̀n wa sọ pé owó tó ń wọ àkáǹtì, tí a bá da ti oṣù mẹ́fà pọ̀ tí a pín in sí mẹ́fà, kò gbọdọ̀ dín ní ₦150,000 lóṣù. Kọ̀ǹpútà rí ₦94,000. Mo ṣí sítétímẹ́ǹtì tí ìyá náà fi ránṣẹ́. Oṣù mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: ₦172,000 wọlé lóṣù keje, ₦188,000 lóṣù kẹjọ, ₦204,000 lóṣù kẹsàn-án. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦564,000. Kọ̀ǹpútà gbé e, ó pín in sí mẹ́fà, nítorí mẹ́fà ni wọ́n ní kó máa fi pín in. Oṣù mẹ́ta tí kò rí, òdo ló kà wọ́n sí. Tó bá jẹ́ mẹ́ta ló fi pín in ni, ₦188,000 ni ì bá rí, ìyẹn sì kọjá ìlà.

Ṣé ẹ rí i? "A kò rí i" àti "kò sí" kì í ṣe nǹkan kan náà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, èyí ló wúlò fún mi jù. Ibikíbi tí mo bá ti rí iye tó kéré lọ́nà tó yani lẹ́nu, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé kí ni ó fi pín kí, ojú ewé mélòó ló sì rí kà? Àmì kan wà tó máa ń tú u fó: tí iye tí kọ̀ǹpútà mú jáde bá kéré ju oṣù tó burú jù nínú sítétímẹ́ǹtì lọ, ìwé ló dín, kì í ṣe owó. Oṣù tó kéré jù fún ìyá yìí jẹ́ ₦172,000. Báwo ni ìpíndọ́gba ṣe máa jẹ́ ₦94,000?

Ìdí kẹta, inú ìdí kejì ló ti yọ. Òṣùwọ̀n gbèsè wa sọ pé nínú gbogbo ₦100 tó bá wọlé lóṣù, gbèsè kò gbọdọ̀ gbà ju ₦35 lọ. Owó tí ìyá yìí béèrè, tí a bá pín in sí oṣù mẹ́wàá tí a fi èlé lé e, ₦62,500 ni yóò máa san lóṣù. Ó sì ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ pé òun ń san ₦15,000 lóṣù níbòmíràn. Àpapọ̀ ₦77,500. Lórí ₦94,000, ìyẹn gbé ₦82 nínú ₦100 lọ. Ṣùgbọ́n lórí ₦188,000, nǹkan bí ₦41 ni. Ó ṣì ju 35 lọ o. Bí a tilẹ̀ ṣe àtúnṣe ìwé, ₦500,000 ò ní bọ́ sí i. Ìdí tòótọ́ ni ìyẹn, mi ò sì gbọ́dọ̀ fi í pa mọ́ nítorí pé mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. Tí lẹ́tà mi bá sọ fún un pé kó ṣáà mú oṣù mẹ́ta yòókù wá, tí kò sì sọ ti gbèsè, á mú un wá, kọ̀ǹpútà á tún sọ pé rárá, ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni yóò wá dùn ún jù.

Ọ̀rọ̀ ìlà kẹrin ṣẹ́kù, èyí tó sọ pé `NOT_RUN`. Iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè gbogbo ará ìlú ni a máa ń bi léèrè níbẹ̀, owó la sì ń san fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ ètò náà fi to àwọn àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ṣáájú, tí ọ̀kan bá ti kùnà, kò ní dé ibi tí a ti ń sanwó. Nígbà kan, ó tilẹ̀ máa ń dúró síbi ìkùnà àkọ́kọ́ ni, tó fi jẹ́ pé ìdí kan ṣoṣo ni mo máa ń rí. Mo lọ bá a pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá tún orúkọ ṣe tán, ṣé kó tún wá gbọ́ ti owó lóṣù tó ń bọ̀, kó wá gbọ́ ti gbèsè lóṣù kejì?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, ó sì yí i kó máa ka gbogbo èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tán. Èyí tí a ń sanwó fún ṣì wà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá yìí pé ibì kan wà tí a kò tíì yẹ̀ wò. Tí mi ò bá sọ ọ́, á rò pé ó ti yege níbẹ̀.

Kí n tó gbé lẹ́tà náà wá, ọ̀rọ̀ èdè díẹ̀. Àwọn oníbàárà wa tó bá sàmì sí Yorùbá nínú fọ́ọ̀mù, Yorùbá ni mo fi ń kọ̀wé sí wọn, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mo ti yọ kúrò lẹ́nu kálámù mi. "Ìkọ̀sílẹ̀" ni àkọ́kọ́, torí ẹni tó bá gbọ́ "ìwé ìkọ̀sílẹ̀," kóòtù àti ọkọ òun ìyàwó ló máa wá sí i lọ́kàn. Èkejì ni "ẹ kò kúnjú òṣùwọ̀n." Èèyàn ni gbolohùn yẹn ń wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ìwé ni kọ̀ǹpútà wọ̀n. Ẹ̀kẹta ni "èrè." Ohun tí ètò náà kà ni owó tó wọlé, àtowó ọjà àtèrè. Tí mo bá kọ ọ́ sí ìyá aláṣọ pé "èrè yín lóṣù jẹ́ ₦94,000," á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ò mọ nǹkan kan nípa ọjà, kò sì ní gba ìyókù gbọ́.

Lẹ́tà náà rèé:

*Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọrọ̀ ajé.*

*Ẹ béèrè pé kí a yá yín ní ₦500,000. A kò lè yá yín ní iye yẹn báyìí. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ yẹ ìwé yín wò, lẹ́yìn náà ni èmi náà fi ojú ara mi wò ó. Nǹkan mẹ́ta ló fà á, mo máa tò wọ́n bí wọ́n ṣe lágbára sí.*

*Èkíní, owó tí ẹ ó máa san lóṣù pọ̀ ju ohun tí òfin wa gbà lọ. Nínú ₦100 tó bá wọlé fún yín, gbèsè kò gbọdọ̀ ju ₦35 lọ. ₦62,500 ni ẹ ó máa san fún wa lóṣù, ẹ sì sọ pé ẹ ń san ₦15,000 níbòmíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦77,500. Nínú oṣù mẹ́ta tí a rí, ₦188,000 ló ń wọlé lóṣù. Ìdá 35 nínú rẹ̀ jẹ́ ₦65,800. Ohun tó lé nìyẹn.*

*Èkejì, oṣù mẹ́ta ló wà nínú sítétímẹ́ǹtì tí ẹ fi ránṣẹ́, oṣù mẹ́fà la sì ń béèrè. Ti oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kà á bí ẹni pé owó kankan ò wọlé láwọn oṣù yẹn. A kò sọ pé ọjà yín ò lọ. A ò rí ìwé rẹ̀ ni. Owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ tí kò gba báńkì kọjá, kò sí ọ̀nà tí a fi lè rí i.*

*Ẹ̀kẹta, orúkọ bàbá yín ní SH lórí àkáǹtì, S nìkan ló wà lórí BVN. Ẹ̀bi yín kọ́. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín wá, ẹnì kan níbí yóò fi ojú rí i, yóò sì buwọ́ lù ú.*

*Ohun tí ẹ lè ṣe: ẹ lọ sí báńkì yín, ẹ ní kí wọ́n tẹ sítétímẹ́ǹtì láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù kẹsàn-án fún yín. Tí oṣù mẹ́ta yòókù bá rí bí àwọn tí a ti rí yìí, nǹkan bíi ₦400,000 ni òṣùwọ̀n gbèsè yóò gbà. Tí wọ́n bá kéré sí i, iye náà yóò dín kù. Tí ẹ bá parí gbèsè ibòmíràn, yóò lọ sókè. Mi ò ṣèlérí fún yín o, nítorí a kò tíì wo àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn yòókù bá ti dára ni a máa ń wò ó.*

*Tí ẹ bá rò pé ohun kan nínú ìwé yìí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ pè mí tàbí kí ẹ wá. Èèyàn ni yóò dá yín lóhùn, yóò sì tún ọ̀rọ̀ yín gbé yẹ̀ wò.*

Lẹ́tà náà ò ju ojú ewé kan lọ. Mo fi ti gbèsè síwájú nítorí òun nìkan ni àtúnṣe ìwé ò lè mú kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni kọ̀ǹpútà kọ kẹ́yìn. Bí kọ̀ǹpútà ṣe to nọ́ńbà, bí wọ́n ṣe kọ ètò náà ló tẹ̀lé. Kò mọ èyí tó wúwo lọ́rùn èèyàn.

Gbolohùn tó kẹ́yìn lẹ́tà, kì í ṣe oore tí à ń ṣe ẹnikẹ́ni. Abala 37 nínú Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ìpinnu tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n má ṣe wá láti ọwọ́ ẹ̀rọ nìkan. Òfin náà ní àwọn ibi tó ti yọ̀ǹda fún un, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, onítọ̀hún lè ní kí èèyàn dá sí ọ̀rọ̀ òun, ó lè sọ tẹnu ẹ̀, ó sì lè tako ìpinnu náà. L'Amẹ́ríkà, ìlànà tó wà fún àwọn ayánilówó ti sọ tipẹ́ pé kò tó kí wọ́n sọ fún èèyàn pé kò dé òṣùwọ̀n àwọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí pàtó. Àlàyé tó tẹ̀lé ìlànà yẹn tún ní tí ìdí bá ti ju mẹ́rin lọ, ó ṣeé ṣe kó má wúlò fẹ́ni tó ń kà á mọ́. Lọ́dún 2022, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ wá là á mọ́lẹ̀ pé ayánilówó ò lè fi ìdíjú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe àwáwí. Tí o ò bá lè ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ rẹ ṣe, má fi í kọ èèyàn.

Lẹ́tà tó dáa náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Mo lè sọ ohun tí òṣùwọ̀n wí, mi ò lè sọ bóyá òṣùwọ̀n náà tọ́. Kí ló dé tó jẹ́ 35, tí kì í ṣe 40? Àwọn ọ̀gá ló yàn án. Kí ló dé tí owó àjọ tí ìyá kan ń dá lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá kò wúlò nínú fọ́ọ̀mù wa? Nítorí kò sí àyè fún un nínú ètò náà ni. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá ti sọ ìdí ní kedere, àwọn èèyàn á lè bi wá ní irú ìbéèrè yẹn. Lẹ́tà àtijọ́ ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan tó lè fi jiyàn.

Ọjọ́ karùn-ún tí ìyá aláṣọ gba lẹ́tà ló wọlé dé, tòun ti sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà àti káàdì ìdánimọ̀ nínú ọ̀rá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé: "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ́ ní ìwé ni ò pé. Mo ti rò pé èmi ni mi ò pé." Oṣù kẹrin sí ìkẹfà kò dáa tó bẹ́ẹ̀: ₦486,000 ló wọlé níbẹ̀. Àpapọ̀ oṣù mẹ́fà wá di ₦1,050,000, ìyẹn ₦175,000 lóṣù. Ìdá 35 rẹ̀ jẹ́ ₦61,250. Tí a bá yọ ₦15,000 ibòmíràn kúrò, ó ku ₦46,250. Owó tí ìyẹn lè gbé kò tó ₦400,000. Mo ṣírò rẹ̀ lójú rẹ̀ lórí bébà, ó ń tẹ̀lé mi pẹ̀lú ìka. Ó ní kí n kọ ₦350,000, ìyẹn ₦43,750 lóṣù, kó lè ku nǹkan díẹ̀ tóun á fi mí. A wo àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì sọ pé bẹ́ẹ̀ni. Ó dín ní ₦150,000 sí ohun tó wá béèrè, ṣùgbọ́n nígbà tó ń buwọ́ lùwé, kò bi mí pé kí ló dé tó fi dín. Ó ti mọ̀.